Ìwúwo Fóòmù àti Líle Rẹ̀: Èwo Lẹ Ó Rà fún Ẹ̀yìn Dídùn Nínú Ooru Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù onífóòmù ní Tákíẹ́, tàbí tó lọ wo ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa fi tẹ fóòmù. Bó bá le, á ní èyí dáa. Bó bá rọ̀, á fi sílẹ̀, á bọ́ sídìí òmíràn. Líle nìkan ni ọwọ́ yẹn wò. Ó kù ohun kan tí ọwọ́ ò lè wò, òun ló sì máa sọ bóyá fóòmù náà á ṣì gbé yín dúró lẹ́yìn ọdún méjì: ìyẹn ni ìwúwo. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rà á bíi pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ìwúwo ni iye kìló tí fóòmù máa wọ̀n bí a bá gé e tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1. Èyí tó bá wọn kìló 20 la ń pè ní ìwúwo 20. Èyí tó bá wọn kìló 28, ìwúwo 28 nìyẹn. Nílé iṣẹ́, oríṣi òògùn olómi méjì ni wọ́n máa ń pò pọ̀ mọ́ omi díẹ̀. Omi yẹn máa ń bá ọ̀kan nínú wọn jà, afẹ́fẹ́ á jáde, gbogbo rẹ̀ á sì hó, á wú bíi búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ṣe jẹ́ kó wú tó, bẹ́ẹ̀ ni òògùn tó kù nínú ògiri ihò kéékèèké inú rẹ̀ á ṣe kéré tó. Fóòmù tó fúyẹ́, ògiri ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Lójoojúmọ́ tí ìbàdí yín bá ń tẹ ojú kan náà, ògiri wọ̀nyẹn á máa já díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á wá jìn sílẹ̀.

Líle ní tirẹ̀ ni agbára tí ẹ máa lò kí fóòmù tó wọlé. Ilé iṣẹ́ lè yí òògùn rẹ̀ padà kí fóòmù tó fúyẹ́ le gan-an. Wọ́n sì lè ṣe èyí tó wúwo kó rọ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí náà, mẹ́rin lohun tó wà lórí igbá: èyí tó fúyẹ́ tó sì rọ̀, èyí tó fúyẹ́ tó sì le, èyí tó wúwo tó sì rọ̀, àti èyí tó wúwo tó sì le. Èyí tó fúyẹ́ tó sì le ló ń tan èèyàn jù. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, yóò dà bí ọtopẹ́díìkì. Kó tó pé ọdún kan, àárín rẹ̀ á ti di kòtò, etí rẹ̀ nìkan lá ṣì le.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìwúwo láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Wọ́n lè kọ ohun tó wù wọ́n sára náílọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n ò ní parọ́. Ẹ mú gígùn àti fífẹ̀ fóòmù ní fíìtì, kí ẹ mú nínípọn rẹ̀ ní íńṣì. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí 424. Ohun tó bá jáde ni ààyè tí fóòmù náà gbà. Ẹ wá fi kìló tó wọ̀n pín sí ààyè yẹn, ìwúwo rẹ̀ lẹ rí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi fóòmù 6 sí 4.5, nínípọn íńṣì 8, ṣe é, torí ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń rà á lágbègbè wa. 6 lọ́nà 4.5 lọ́nà 8 jẹ́ 216. Bí ẹ bá pín 216 sí 424, ẹ máa rí 0.51. Bí fóòmù náà bá wọn kìló 13 pẹ̀lú aṣọ ara rẹ̀, ẹ yọ kìló 1 sí 1.5 fún aṣọ. Aṣọ oní-òwú tó nípọn lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kù bíi kìló 11.8. Ẹ pín in sí 0.51, ìwúwo 23 ni. Táblì yìí fi bí fóòmù 6 sí 4.5 ṣe yẹ kó wọ̀n hàn láìka aṣọ mọ́ ọn:

| Ìwúwo | Íńṣì 6 | Íńṣì 8 | Íńṣì 10 |
|---|---|---|---|
| 18 | kìló 6.9 | kìló 9.2 | kìló 11.5 |
| 23 | kìló 8.8 | kìló 11.7 | kìló 14.7 |
| 28 | kìló 10.7 | kìló 14.3 | kìló 17.8 |

Òṣùwọ̀n ìfẹsẹ̀gùn tí wọ́n ń tà ní ilé òògùn ti tó. Ẹ kọ́kọ́ gun orí rẹ̀ lófo, kí ẹ tún gùn ún pẹ̀lú fóòmù lọ́rùn, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Bí onífóòmù bá ń wò yín bíi pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, Dádì, ìwọ̀n rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó sanwó." Oníṣòwò tó mọ ohun tó ń tà kì í bínú sí èyí. Ẹ tún wọn nínípọn rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ má ṣe gba ohun tí wọ́n kọ sí i gbọ́. Fóòmù tí wọ́n pè ní íńṣì 8 tó sì jẹ́ 7 ti dín ìdámẹ́jọ kù nínú ohun tí ẹ sanwó fún.

Fóòmù tí ìwúwo rẹ̀ wà ní 16 sí 18 dára fún yàrá àlejò, tàbí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lò ó fún sáà díẹ̀ ní Àńdà Jíì kó tó lọ sílé. Kò dára fún ẹni tó wọn kìló 70 tó ń sùn lé e lójoojúmọ́. Láti 20 sí 23, ọmọdé àti ẹni tó wọn kìló 60 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lè lò ó pẹ́. Àgbàlagbà tó wọn kìló 60 sí 90, a máa ń ní kó wá 25 sí 28. Ẹni tó bá ju 90 lọ ní láti wá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tọkọtaya máa fi ẹni tó wúwo jù nínú wọn ra á ni. Kò sí àǹfààní nínú kí wọ́n ro ìwọ̀n àwọn méjèèjì pọ̀, torí kálukú ló ń tẹ ojú tirẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi ẹfun sí

Àwọn kan ti mọ̀ pé òṣùwọ̀n làwọn oníbàárà tó gbọ́n ń lò, torí náà wọ́n ń po ìyẹ̀fun òkúta ẹfun mọ́ òògùn fóòmù. Ìyẹ̀fun yẹn wúwo, owó rẹ̀ ò sì tó ti òògùn. Òṣùwọ̀n á ní ìwúwo 25, ṣùgbọ́n ògiri ihò fóòmù náà kò nípọn ju ti ìwúwo 18 lọ. Erùpẹ̀ ló kún inú wọn. Irú fóòmù báyìí máa ń le lójú, ó sì máa ń já kíákíá.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí zípù aṣọ rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi igun kan tí wọn ò rán hàn yín. Ẹ fi aṣọ dúdú nu ojú tí wọ́n gé náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń nù ún. Bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, ẹ gbé e padà. Ẹ tún fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ ká a títí yóò fi fẹ́ tẹ́, kí ẹ dì í mú díẹ̀, kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Fóòmù tó dáa á padà sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ á máa fà bọ̀, ojú ká á sì kù lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èérún tó ń já bọ́ létí fóòmù tuntun, ẹ ò ní láti wò ó síwájú sí i.

Ìdánwò kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ rí bó ṣe gbà yín. Ẹ wá gbé orúnkún lé ojú kan náà, kí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Fóòmù tó dára máa rọ̀ lójú àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì ṣe ń wọlé sí i lá máa taari yín padà sí i. Èyí tí kò dáa máa le lójú àkọ́kọ́, tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, á kàn já lójijì, orúnkún á kan pákó. Ìbàdí yín ló máa ṣe bí orúnkún yẹn lóru, torí òun ló wúwo jù lára ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ṣé èyí tó le jù ló dára jù fún ẹ̀yìn?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà bẹ́ẹ̀, a sì mọ ibi tí èrò náà ti wá: fóòmù tó ti jìn sílẹ̀ ti dá wọn lóró rí, nígbà tí wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹní, ara fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tù wọ́n ni pé wọ́n kúrò nínú kòtò, kì í ṣe pé wọ́n bọ́ sórí ohun tó le bí òkúta. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn Láńsẹ́ẹ̀tì gbé ìwádìí kan jáde láti Spéènì. Àgbàlagbà 313 tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fún ní ìbùsùn tuntun: wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó le, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó le níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lé oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ìrora wọn dínkù jù lórí ibùsùn àti nígbà tí wọ́n bá dìde.

Ìdí rẹ̀ hàn sójú bí ẹ bá wo èèyàn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn wa kò tọ́ gbọọrọ bí pákó. Bí ẹ bá dojú sókè lórí ohun tó le jù, ejìká àti ìdí nìkan ló máa kàn án, ibi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wà lófuurufú, iṣan ibẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lé e, gbogbo ìwọ̀n ara á wà lórí eegun ejìká àti eegun ìbàdí, apá á kú tipiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Lórí èyí tó rọ̀ jù, ìbàdí á wọlé ju ejìká lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun.

Ẹ lè wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ dojú sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Kí ẹni tó bá yín lọ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín. Bí ọwọ́ náà bá wọlé gbàràgàdà tí àyè ṣì kù lókè rẹ̀, fóòmù náà le jù fún yín. Bí ó bá ní láti fipá tì í kó tó wọlé, ó rọ̀ jù. Bó bá kan ara lókè, kan fóòmù nísàlẹ̀, tó sì kọjá láìsí ìjàkadì, ó ṣe wẹ́kú. Ẹ wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹni náà dúró sẹ́yìn yín kó wo ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí. Ó yẹ kó tọ́ gbọọrọ.

Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn lè mú èyí tó rọ̀ díẹ̀ ju ti ẹni tó ń dojú sókè lọ. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ sùn ní láti mú èyí tó le díẹ̀, kí ikùn má bàa fa ọ̀pá ẹ̀yìn wọlé. Àìsàn ẹ̀yìn tó bá ń ta sí ẹsẹ̀, tó ń mú ẹsẹ̀ kú tàbí tí kò jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀, ti kúrò lọ́wọ́ onífóòmù. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá.

Nínípọn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Fóòmù íńṣì 4, bó ti wù kó dára tó, ìbàdí ẹni kìló 70 á kan pákó abẹ́ rẹ̀. Íńṣì 6 lè gba ẹni tó fúyẹ́. Íńṣì 8 ni a rò pé ó yẹ kí àgbàlagbà ti bẹ̀rẹ̀. Bí owó yín bá gbé 10 tó fúyẹ́ tàbí 8 tó wúwo, ẹ mú 8 tó wúwo.

Oríṣi fóòmù mẹ́rin nínú ooru

Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, páànù tó ti gba oòrùn látàárọ̀ á ṣì máa tú ooru sínú yàrá lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Bí kò bá sí iná tí fáànù lè fi ṣiṣẹ́, fóòmù ló kù. Fóòmù fúnra rẹ̀ kì í mú ooru wá. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn ló kún inú rẹ̀, torí náà kì í jẹ́ kí ooru ara yín rí ọ̀nà jáde. Apá ibi tó bá kàn án lára yín ni kò ní lè tu. Ìdí nìyí tí jíjìn tí ẹ jìn sínú rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju nínípọn lọ: ẹni tó rì sínú fóòmù, fóòmù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì ń kọjá ní ìhà rẹ̀.

Fóòmù gbáàtúù tó wúwo, tó le níwọ̀ntúnwọ̀nsì, máa ń ṣe dáadáa nínú ooru. Ihò inú rẹ̀ ṣí sí ara wọn, nítorí náà bí ẹ bá yí padà, afẹ́fẹ́ á wọlé á jáde. Èyí tó fúyẹ́ tó rọ̀ yóò jẹ́ kí ẹ rì, bó sì ṣe ń gbó lẹ máa rì sí i.

Rìbọ́ńdẹ́ẹ̀dì ni èyí tí wọ́n fi àjẹkù fóòmù lọ̀, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú gúlúù, tí wọ́n sì fún mọ́ra. Ìwúwo rẹ̀ lè tó 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi wé ìwúwo fóòmù gbáàtúù. Òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ni. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ọtopẹ́díìkì. Afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ara kì í rì sínú rẹ̀, nítorí náà ooru orí rẹ̀ kì í mú tó bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Àbùkù rẹ̀ ni líle. Bí fóòmù tó rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá ju íńṣì 1 lọ, ejìká ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn á fara gbá. Ẹ béèrè íńṣì mélòó ni ti òkè. 2 sí 4 la fẹ́.

Mẹ́mọ́rì fóòmù ni èyí tí ojú ọwọ́ máa ń kù lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ooru ara ló ń mú un rọ̀, ó sì máa ń gbá ara mọ́ra. Ní ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó tu ejìká lára. Nínú yàrá onípáànù láìsí iná, òun la ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà, àfi kó jẹ́ íńṣì 1 lókè fóòmù tó le.

Onísípíríǹgì ń tu ju gbogbo wọn lọ torí àyè tó wà láàárín irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóòmù tí wọ́n fi bo irin náà bá fúyẹ́, òun ló kọ́kọ́ máa tẹ́, irin á wá máa gún ẹ̀gbẹ́.

Tọkọtaya kan ń ra fóòmù

Ọkọ wọn kìló 84, ó ń dojú sókè sùn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sì ń dùn ún láàárọ̀. Ìyàwó wọn kìló 62, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́ 6 sí 4.5, wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ abẹ́ rẹ̀, páànù ló sì wà lórí ilé. Fóòmù íńṣì 8 mẹ́rin ni wọ́n gbé síwájú wọn, aṣọ ara wọn sì wọn nǹkan bíi kìló 1.2.

Èkíní wọn kìló 10.4. Ẹ yọ aṣọ, ó ku 9.2, ẹ pín in sí 0.51, ìwúwo 18 ni. Ó rọ̀, ó sì dùn ún dùbúlẹ̀ lé. Ìbàdí ọkọ máa gbẹ́ ibẹ̀ kó tó pé ọdún, òógùn á sì máa bò wọ́n. Èkejì wọn kìló 13.8, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo 25, ó sì le. Owó rẹ̀ tún kéré sí ti ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n aṣọ dúdú kó ẹfun lára rẹ̀, orúnkún sì já wọnú rẹ̀ lójijì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun lèèyàn lè rà jù láìmọ̀, torí ó le lọ́wọ́, ó wúwo lórí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀kẹta wọn kìló 15. Ó ku 13.8, ìwúwo 27 nìyẹn. Kò kó ẹfun, ó padà sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ sì gba abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ kọjá láìsí wàhálà. Ọ̀pá ẹ̀yìn ìyàwó tọ́ nígbà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀kẹrin jẹ́ rìbọ́ńdẹ́ẹ̀dì íńṣì 4 nísàlẹ̀ àti fóòmù tó rọ̀ íńṣì 4 lókè, ó wọn kìló 28. Òun náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló gbówó lórí jù, èèyàn méjì ló sì máa gbé e kí wọ́n tó lè yí i.

Ẹ̀kẹta ló yẹ kí wọ́n mú. Bí ó bá ṣe pé ọkọ wọn kìló 105 ni, ẹ̀kẹrin la máa ní kí wọ́n san owó fún. Bí owó wọn ò bá sì ká ẹ̀kẹta, ohun tó dáa ju kí wọ́n mú èkejì ni kí wọ́n ra íńṣì 6 tó jẹ́ ìwúwo 27, kó wọn bíi kìló 11.5 pẹ̀lú aṣọ, kí wọ́n sì wá owó fi kún un fún íńṣì 2 tí wọ́n á tẹ́ lé e tó bá yá. Bí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ fa gúlúù ní ilà ilà. Bó bá kùn ún káríkárí, gúlúù á di awọ kan láàárín, afẹ́fẹ́ ò sì ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ohun tó wà lábẹ́ àti lórí rẹ̀

Fóòmù tó dáa lórí bẹ́ẹ̀dì tó burú á bàjẹ́. Ẹ ní kí káfíńtà má jẹ́ kí àlàfo àárín pákó ju íńṣì 3 lọ, torí fóòmù á máa rọ́ wọnú àlàfo tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì tó bá fẹ̀ tó fíìtì 4.5 gbọ́dọ̀ ní igi àárín tí ẹsẹ̀ gbé dúró. Ibẹ̀ ni pákó ti kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, tí oníbùsùn á wá máa bú fóòmù. Bí ó bá jẹ́ pílíwúùdù gbáko ni wọ́n tẹ́ sí i, kí káfíńtà lu ihò tó fẹ̀ tó íńṣì 1 sí i ní ààbọ̀ fíìtì síra wọn. Fóòmù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ooru ara àti òógùn á sọ̀kalẹ̀ pàdé sìmẹ́ǹtì tó tutù, abẹ́ rẹ̀ á tutù, á sì hu funfun. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e dúró ti ògiri láràárọ̀.

Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ yọ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi í sílẹ̀ kí fóòmù má bàa dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ òógùn di omi lábẹ́ ẹ̀yìn wa. Bí ọmọ ń tọ̀ sílé, ẹ gé náílọ́ọ̀nù sí abẹ́ ibi tí ọmọ ń sùn nìkan. Ẹ fi ṣíìtì òwú bò ó. Ní oṣù tí ooru bá ti le, ẹ tẹ́ ẹní lé fóòmù, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹní. Àlàfo kéékèèké ara ẹní á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lábẹ́ ara. Èyí dára lórí fóòmù tó ṣì dúró. Kò lè tún èyí tó ti jìn sílẹ̀ ṣe.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi orí rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀. Bí ojú méjèèjì bá dọ́gba, ẹ dà á dojú dé pẹ̀lú. Rìbọ́ńdẹ́ẹ̀dì tó ní fóòmù rírọ̀ lókè nìkan, ẹ má dà á. Ẹ lè fi fóòmù gba afẹ́fẹ́ níbi òjìji, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi í sójú oòrùn látàárọ̀ di alẹ́, torí oòrùn ló ń mú kí ojú rẹ̀ máa yìnrìn. Pípọ́n díẹ̀ tí inú rẹ̀ pọ́n kò sọ pé ó ti bàjẹ́.

Láti mọ ìgbà tó ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ká gbogbo aṣọ orí rẹ̀ kúrò nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí lórí rẹ̀. Ẹ fi igi gígùn tó tọ́ dábùú rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, kí ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín igi náà àti ibi ìbàdí. Bó bá ti kọjá íńṣì 1.5, ẹ̀yìn yín ti ń tẹ̀ lóru. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ ní kí onífóòmù kọ ìwúwo, nínípọn àti ọjọ́ tí ẹ rà á sínú rìsíìtì. Bí kòtò bá wà níbẹ̀ kí àkókò tó fi dá yín lójú tó pé, rìsíìtì yẹn àti rúlà lẹ máa gbé padà lọ bá a.